Ìfúnpá Wálẹ̀, Àìsàn Ò Tíì Lọ

Iṣẹ́ agbẹ̀bí ni mò ń ṣe, ọ̀rọ̀ ẹ̀jẹ̀ ríru tó ń mú aboyún ni mo sì gbé wá lálẹ́ òní. Ẹni tí aboyún bá wà nílé rẹ̀, kó pè é kó wá gbọ́. Ẹ pe ọkọ rẹ̀ náà, ẹ pe ìyá ọkọ, torí pé lọ́pọ̀ ìgbà àwọn ló ń pinnu bóyá wọn á gbé e lọ sílé ìwòsàn lóru tàbí ilẹ̀ á mọ́ ná.

Ní ọdún 2016, àwọn olùwádìí kan gbé àbájáde iṣẹ́ tí wọ́n ṣe ní Ìpínlẹ̀ Ògùn jáde. Wọ́n jókòó ti àwọn ará ìlú, wọ́n bi wọ́n léèrè ohun tí wọ́n mọ̀ nípa àìsàn yìí. Àwọn ènìyàn sọ fún wọn pé ìrònú ló ń fa ẹ̀jẹ̀ ríru aboyún: ìjà ọkọ àti aya, àìrówó ná. Gìrì tó ń gbé aboyún ńkọ́? Wọ́n ní òtútù ni, pé ó pẹ́ jù nínú òtútù. Èmi náà ṣì ń gbọ́ ọ títí di ìsinsìnyí. Ẹ wá wò ó: bí a bá pín in báyìí, ó ti di àìsàn méjì tí kò mọ ara wọn rí. Fún ti àkọ́kọ́, a ó ní kó má ronú mọ́. Fún ìkejì, a ó wá aṣọ òtútù fún un. Bẹ́ẹ̀ ọ̀nà kan ṣoṣo ni wọ́n jọ ń tọ̀, ẹ̀jẹ̀ ríru ló sì máa ń ṣáájú gìrì lọ́pọ̀ ìgbà.

Ibi ọmọ ni gbogbo rẹ̀ ti ń bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí oyún ṣì kéré, ó yẹ kí ibi ọmọ rì wọ ara ilé ọmọ, kó sì sọ àwọn iṣan ẹ̀jẹ̀ ìyá tó wà níbẹ̀ di gbàgàdà, kí ẹ̀jẹ̀ lè máa ṣàn wá fún ọmọ láìsí ìdíwọ́. Lára àwọn obìnrin kan, iṣẹ́ yìí kì í parí. Iṣan náà ò gbòòrò tó, ẹ̀jẹ̀ tó ń dé ibi ọmọ ò tó nǹkan. Ibi ọmọ tí ìyà ẹ̀jẹ̀ ń jẹ yìí á wá máa tú àwọn èròjà kan sínú ẹ̀jẹ̀ ìyá, àwọn èròjà náà á sì máa ba inú iṣan ẹ̀jẹ̀ jẹ́ káàkiri ara. Iṣan á fún pọ̀, ìfúnpá á gòkè. Iṣan á tún máa jò bíi rọ́bà omi tó ti gbó: omi inú ẹ̀jẹ̀ á jò sínú ẹran ara, ojú àti ọwọ́ á wú, purotéènì tó yẹ kí kíndìnrín dá dúró á jò sínú ìtọ̀. Bó bá kan ẹ̀dọ̀, abẹ́ ìhà ọ̀tún á máa dun aboyún. Bó bá kan ọpọlọ, orí á máa fọ́ ọ, ojú á máa ṣú, bí a ò bá sì tètè ṣe nǹkan, gìrì á gbé e. Kó tó di gìrì, pri-ẹkilámísíà ni à ń pè é. Bó bá ti di gìrì, ẹkilámísíà ni.

Níwọ̀n ìgbà tó jẹ́ pé ara ibi ọmọ ló ti ń wá, kò sí oògùn tó lè wò ó tán bí ibi ọmọ bá ṣì wà nínú. Oògùn tí à ń fún aboyún fún ìfúnpá ń fa nọ́ńbà wálẹ̀ kí iṣan inú ọpọlọ má baà bẹ́. Iṣẹ́ ńlá nìyẹn. Ṣùgbọ́n kò dé ibi tí ọ̀rọ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Èyí gan-an ni ọ̀pọ̀ ìdílé kì í gbà bí a bá ń sọ fún wọn ní wọ́ọ̀dù, ẹ ó sì rí ìdí rẹ̀ láìpẹ́.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ nọ́ńbà. Méjì ni ẹ̀rọ máa ń kọ, ti òkè àti ti ìsàlẹ̀. Fún aboyún, bí ti òkè bá dé 140, tàbí tí ti ìsàlẹ̀ bá dé 90, ẹ̀jẹ̀ ríru ni. Mo ní "tàbí" o. Ẹni tí tirẹ̀ jẹ́ 128 lórí 94 ti wọ inú rẹ̀, bí ti òkè ò tiẹ̀ ga. A máa ń tún un wọ̀n, ó kéré tán lẹ́yìn wákàtí mẹ́rin, kí a tó fi orúkọ àìsàn pè é. Ṣùgbọ́n bí ti òkè bá dé 160 tàbí tí ti ìsàlẹ̀ bá dé 110, kò sí pé à ń dúró wákàtí mẹ́rin. Láàárín ìṣẹ́jú 15 ni a ó tún un wọ̀n, bó bá sì dúró síbẹ̀, oògùn bẹ̀rẹ̀ lójú ẹsẹ̀.

Ìgbà tó bẹ̀rẹ̀ náà ní ohun tó ń sọ. Èyí tó ti wà kí oyún tó pé ọ̀sẹ̀ 20 sábà máa ń jẹ́ ẹ̀jẹ̀ ríru tí obìnrin náà ti ní kó tó lóyún. Èyí tó yọjú lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ 20, oyún ló gbé e wá, òun la sì máa ń ṣọ́ kó má baà di pri-ẹkilámísíà. Ìdí nìyí tí èmi pẹ̀lú àwọn tó ń dúró kí ikùn yọ dáadáa kí wọ́n tó wá forúkọ sílẹ̀ kì í fi í rẹ́. Ẹni tó kọ́kọ́ fara hàn wá ní oṣù keje pẹ̀lú 142 lórí 92, kí ni a ó fi wé? A ò mọ ibi tó ti ń bọ̀.

Mo fẹ́ fi obìnrin kan ṣe àpẹẹrẹ. Kì í ṣe ẹnì kan pàtó, mo kó o jọ láti ara ohun tí àwa agbẹ̀bí ń bá pàdé. Ọmọ ọdún 24 ni, onídìrí ni, oyún rẹ̀ àkọ́kọ́ sì nìyí. Ní ọ̀sẹ̀ 13 tó wá forúkọ sílẹ̀, ìfúnpá rẹ̀ jẹ́ 104 lórí 62. Ní ọ̀sẹ̀ 28, 116 lórí 70. Ní ọ̀sẹ̀ 33, 134 lórí 86. Ẹni tó bá wo ti ìgbẹ̀yìn yìí nìkan á ní kò sí nǹkan, òótọ́ sì ni pé kò tíì dé ibi tí à ń pè ní ẹ̀jẹ̀ ríru. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ṣí káàdì padà sẹ́yìn á rí i pé ti ìsàlẹ̀ ti fi 24 ga ju ti ọjọ́ àkọ́kọ́ lọ. Oògùn kọ́ ló kàn. Ohun tó kàn ni pé ọjọ́ tó máa padà wá kò gbọdọ̀ jìnnà. Nọ́ọ̀sì ní kó padà wá lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, kó sì máa wọn ìfúnpá rẹ̀ nílé láàárọ̀ àti lálẹ́.

Ọkọ rẹ̀ ra ẹ̀rọ. Ẹ jẹ́ kí n dúró díẹ̀ lórí ẹ̀rọ yìí, torí ọ̀pọ̀ owó ló ń ṣòfò níbẹ̀. Ẹ ra èyí tí wọ́n ń wé mọ́ apá òkè, kì í ṣe ti ọrùn ọwọ́. Aṣọ tí wọ́n ń wé náà gbọ́dọ̀ bá apá mu: bó bá kéré jù fún apá tó tóbi, nọ́ńbà á ga ju bó ṣe yẹ lọ; bó bá tóbi jù, nọ́ńbà á kéré, ìyẹn ló sì léwu jù, torí ọkàn yín á balẹ̀ lásán. Ohun mìíràn tí àwọn tó ń tà á kì í sọ ni pé ẹ̀rọ tó ń ṣiṣẹ́ dáadáa fún bàbá àgbà lè máa pe ti aboyún tó ní pri-ẹkilámísíà kéré sí bó ṣe jẹ́. Ẹ wo inú ìwé tó bá a wá bóyá wọ́n ti dán an wò lára aboyún. Yálà wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ tàbí wọn ò kọ ọ́, ẹ gbé ẹ̀rọ náà dání lọ́jọ́ àyẹ̀wò, kí nọ́ọ̀sì fi tirẹ̀ wọ̀n yín, kó sì fi tiyín wọ̀n yín. Bí tiyín bá ń fi bíi 10 yàtọ̀ ní gbogbo ìgbà, ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé e.

Bí a ṣe ń wọ̀n ọ́n nílé rèé. Ẹ lọ tọ̀ ná, torí ìtọ̀ tó kún inú ń gbé ìfúnpá sókè. Ẹ jókòó sórí àga tó ní ẹ̀yìn, kí ẹ fẹ̀yìn tì, kí àtẹ́lẹsẹ̀ méjèèjì tẹ́ sílẹ̀, ẹ má gbé ẹsẹ̀ kan lé èkejì. Ẹ sinmi fún ìṣẹ́jú márùn-ún. Ẹ gbé apá lé orí tábìlì kó ṣe déédéé àyà, kí aṣọ náà wà lára apá gan-an, kì í ṣe lórí búláòsì. Ẹ dákẹ́ nígbà tó bá ń ṣiṣẹ́. Kò sí ìpè, kò sí ẹjọ́. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú kan, ẹ tún un wọ̀n, kí ẹ sì kọ méjèèjì sílẹ̀ pẹ̀lú ọjọ́ àti aago. Ẹ má yan èyí tó dùn mọ́ yín nínú o. Mo ti rí ìwé tó jẹ́ 120 lórí 80 láti òkè délẹ̀, tí ẹni tó kọ ọ́ ò lè wọ bàtà rẹ̀ mọ́.

Ìtọ̀ náà ṣeé yẹ̀ wò nílé. Pélébé tí wọ́n ń pè ní Kọ́mbì wà ní kẹ́míìsì. Ìtọ̀ ìdájí ló dára jù. Ẹ jẹ́ kí èyí tó kọ́kọ́ jáde lọ, kí ẹ gba ti àárín sínú ife tó mọ́, torí bí nǹkan ojú ara bá dà mọ́ ọn, ó lè hàn bíi pé purotéènì wà níbẹ̀. Ẹ ti pélébé náà bọ̀ ọ́, ẹ fà á jáde, ẹ fojú sí aago. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú kan gan-an ni kí ẹ fi àwọ̀ rẹ̀ wé ti ara ìgò. Àwọ̀ ìyeyè ni kò sí purotéènì. Bó bá ṣe ń di àwọ̀ ewé sí i ni purotéènì ṣe pọ̀ sí i. Ìgò tí wọ́n ṣí sílẹ̀, pélébé inú rẹ̀ ti bàjẹ́, irọ́ ló máa pa fún yín.

Mi ò ní purọ́ fún yín nípa wíwọ̀n nílé. Ní ọdún 2022, wọ́n gbé ìwádìí ńlá kan jáde nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Àwọn aboyún tí ewu ẹ̀jẹ̀ ríru wà fún ń wọn ara wọn nílé, wọ́n sì fi wọ́n wé àwọn tó ń gba ìtọ́jú bó ṣe wà tẹ́lẹ̀. Dókítà ò tètè rí ẹ̀jẹ̀ ríru lára àwọn tó ń wọ̀n nílé ju ti àwọn yòókù lọ. Lójú tèmi, ilé ìwòsàn ò jìnnà sí wọn lọ́hùn-ún, wọ́n sì ń rí agbẹ̀bí lóòrèkóòrè. Lọ́dọ̀ tiwa, níbi tí ẹlòmíràn ń lo oṣù kan gbáko kó tó tún rí nọ́ọ̀sì, ó lè wúlò jù bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ kan wà níbẹ̀ tí mo gbà: nọ́ńbà tí ẹ kọ sínú ìwé, tí ẹ ò gbé dé ọ̀dọ̀ ẹnikẹ́ni, kò wo nǹkan kan sàn.

Ká padà sọ́dọ̀ onídìrí wa. Oyún rẹ̀ pé ọ̀sẹ̀ 35. Orí ti ń fọ́ ọ láti àárọ̀, ó lo parasitamọ́ọ̀lù méjì, kò gbọ́. Àwọn tó wà ní ṣọ́ọ̀bù ní oòrùn ni, pé ó dúró jù. Ó délé ní aago mẹ́jọ alẹ́, ó sinmi, ó wọ̀n ọ́n: 148 lórí 96. Ó tún un wọ̀n: 146 lórí 98. Ó yẹ ìtọ̀ wò, àmì méjì. Ojú rẹ̀ ti wú láti ìjẹta, òrùka ìgbéyàwó ò bọ́ lọ́wọ́ mọ́. Ẹsẹ̀ tó wú nìkan, èmi kì í tètè sá fún un, torí ọ̀pọ̀ aboyún tó le koko ni ẹsẹ̀ ń wú fún. Ojú àti ọwọ́ tó wú lójijì ni mo ń bẹ̀rù. Ṣé kó dúró di àárọ̀? Rárá. Ìfúnpá tó ti dé 140 lórí 90 pẹ̀lú orí tí kò gbọ́ oògùn, alẹ́ ọjọ́ yẹn ni wọ́n ń lọ. Bákan náà ni bí ojú bá ń ṣú tàbí tó ń rí bíi pé iná ń tàn yẹ̀ríyẹ̀rí. Bí èémí bá ń há. Bí ìtọ̀ bá dín kù gan-an. Bí ọmọ ò bá rìn bó ṣe ń rìn tẹ́lẹ̀. Èyí tó ń tan àwọn ènìyàn jẹ jù ni ìrora abẹ́ ìhà ọ̀tún tàbí òkè ikùn, tí wọ́n á máa pè ní ọgbẹ́ inú, tí wọ́n á máa ra oògùn ọgbẹ́ inú sí. Aboyún tí kò ní ọgbẹ́ inú tẹ́lẹ̀, tí òkè ikùn wá ń dùn ún lẹ́yìn oṣù karùn-ún, kó lọ wọn ìfúnpá kó tó gbé ohunkóhun mì. Ẹ má sì gbàgbé pé ẹlòmíràn wà tí kò ní gbọ́ nǹkan kan lára, tí tirẹ̀ á sì ti di 170.

Wọ́n dá a dúró sílé ìwòsàn. Ó jẹ́ 154 lórí 102 níbẹ̀. Wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ láti wo ẹ̀dọ̀, kíndìnrín, àti àwọn èròjà kéékèèké tó ń mú kí ẹ̀jẹ̀ dì. Iye àwọn èròjà yìí jẹ́ 168,000, ó dára. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ oògùn.

Oògùn mẹ́ta ni a sábà ń lò fún aboyún. Metaidópà, tí ọ̀pọ̀ yín mọ̀ sí Álídómẹ́ẹ̀tì, ti pẹ́ lágbo, òun ni wọ́n sì fún onídìrí wa. Wọ́n tọpa àwọn ọmọ tí ìyá wọn lò ó nínú oyún títí wọ́n fi lé ní ọmọ ọdún 7, wọn ò rí ìpalára kankan. Ó máa ń mú oorun wá, ó sì lè mú ọkàn ẹni rẹ̀wẹ̀sì. Labẹ́tálọ̀ dára púpọ̀, ṣùgbọ́n kì í ṣe fún ẹni tó ní ikọ́ fée. Nifẹ́dípìn tó ń tú díẹ̀díẹ̀ ni ìkẹta: odindi ni wọ́n ń gbé e mì, wọn kì í rún un, torí bí wọ́n bá rún un, gbogbo rẹ̀ á dà sínú ara lẹ́ẹ̀kan, ìfúnpá á já wálẹ̀ lójijì, ẹ̀jẹ̀ tó ń lọ bá ọmọ á sì já pẹ̀lú. Dókítà ló ń sọ ìwọ̀n tí ẹnì kọ̀ọ̀kan á lò.

Ní ọjọ́ kejì, ìyá ọkọ gbé páálí kan wá nínú báàgì. Oògùn ìfúnpá tirẹ̀ ni, Modurẹ́tíìkì, ó ní ó ti ń bá òun mu láti ọjọ́ pípẹ́. Inú rere ló fi gbé e wá. Ṣùgbọ́n oògùn tó ń mú ni tọ̀ ni, ara ìyàwó náà tó wú kì í sì í ṣe pé omi pọ̀ jù nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Omi ti jò jáde kúrò nínú iṣan ni. Inú iṣan gan-an ti ń gbẹ. Bí a bá tún fi oògùn lé omi jáde, ẹ̀jẹ̀ tó ń dé ibi ọmọ á tún dín. Àwọn mìíràn wà tó burú jù ú lọ fún oyún: lisinópríìlì, ramipríìlì, losátáàn, telimisátáàn àti àwọn ẹbí wọn. Wọ́n lè ba kíndìnrín ọmọ jẹ́ nínú, kí omi tó yí ọmọ ká sì gbẹ. Aténólọ̀ lè jẹ́ kí ọmọ kéré jù. Ẹni tó ti ń lo ọ̀kan nínú wọn, tó wá rí i pé òun ti lóyún, kó má kàn jù ú nù kó jókòó sílé o. Kó lọ bá dókítà lọ́jọ́ náà tàbí ọjọ́ kejì, wọn á pààrọ̀ rẹ̀. Ní ti iyọ̀, ẹ má fi ọbẹ̀ tí kò níyọ̀ jẹ aboyún níyà: Àjọ Ìlera Àgbáyé ò ka dídín iyọ̀ kù sí ohun tó ń dènà pri-ẹkilámísíà.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kẹta, ìfúnpá rẹ̀ di 132 lórí 84. Ojú ìdílé là. Ìyá ọkọ wá bá wa ní tábìlì, ó ní, "Nọ́ọ̀sì, ẹ kú iṣẹ́ o. Olúwa á fún yín ní tiyín. Ó ti wálẹ̀ báyìí, ẹ jẹ́ ká máa mú ìyàwó wa lọ sílé, owó ń lọ." Kò sí wọ́ọ̀dù aboyún tí wọn ò ti mọ gbólóhùn yìí. Ohun tí mo máa ń sọ ni pé, "Mọ́mì, oògùn ló fà á wálẹ̀. Ẹ jẹ́ kí èsì ẹ̀jẹ̀ dé." Èsì náà dé ní ọ̀sán: 168,000 ti di 94,000. Bí ó bá ti lọ sísàlẹ̀ 100,000, pri-ẹkilámísíà tó le nìyẹn, ohun yòówù kí ẹ̀rọ ìfúnpá wí. Ìdájí lórí ẹ̀rọ dára, ọ̀sán nínú ẹ̀jẹ̀ ò dára, lára ẹnì kan náà, ní ọjọ́ kan náà. Ká ní wọ́n ti lọ sílé ni, 132 lórí 84 ni wọn ì bá máa ròyìn fún àwọn ará ilé.

Lálẹ́ ọjọ́ yẹn, abẹ́ ìhà ọ̀tún bẹ̀rẹ̀ sí dùn ún, ó bì, ìfúnpá fò lọ sí 164 lórí 112 pẹ̀lú oògùn lára. Wọ́n fún un ní oògùn tó ń yára fa ìfúnpá wálẹ̀, wọ́n sì gún un ní maginísíọ̀mù sọ́fẹ́ètì. Ẹ fetí sí èyí dáadáa: maginísíọ̀mù kì í ṣe oògùn ìfúnpá, oògùn gìrì ni. Ìwádìí tí wọ́n gbé jáde ní ọdún 2002, tó kó bíi 10,000 obìnrin jọ láti orílẹ̀-èdè 33, fi hàn pé ó dín gìrì kù ju ìdajì lọ. Lọ́pọ̀ ilé ìwòsàn wa, gíráàmù mẹ́rin ni wọ́n ń fi sínú iṣan díẹ̀díẹ̀, wọ́n á sì gún gíráàmù márùn-ún sí ìdí kọ̀ọ̀kan. Ó ń ta ènìyàn, ara á gbóná wìì. Bí ẹ bá rí nọ́ọ̀sì tó ń fi nǹkan lu orúnkún aboyún, tó ń ka èémí rẹ̀, tó ń wọn ìtọ̀ rẹ̀, kì í ṣe eré: bí oògùn yẹn bá pọ̀ jù lára, orúnkún ló kọ́kọ́ máa ń dákẹ́, kó tó kan èémí. Ilé ìwòsàn kékeré tí kò lè gbẹ̀bí irú rẹ̀ náà lè fún un ní ìwọ̀n àkọ́kọ́ yìí kí wọ́n tó gbé e sínú ọkọ̀ lọ síbi tó tóbi, Àjọ Ìlera Àgbáyé sì fọwọ́ sí i. Ẹ béèrè fún un kí ọkọ̀ tó gbéra.

Bó bá jẹ́ ilé ni gìrì ti mú un ńkọ́? Ẹ fi ẹ̀gbẹ́ òsì rẹ̀ sùn ún, ẹ kó ohun tó lè ṣe é léṣe kúrò nítòsí, ẹ jẹ́ kí itọ́ dà jáde. Ẹ má fi ṣíbí há a lẹ́nu. Ẹ má fi ẹsẹ̀ rẹ̀ síná. Ẹ má da àgbo ìtọ̀ màlúù sí i lẹ́nu; ẹni tí kò mọ ibi tó wà kò lè gbé nǹkan mì, ẹ̀dọ̀fóró ló máa lọ. Kí ẹnì kan máa wá ọkọ̀ bí èyí ti ń lọ lọ́wọ́, bí gìrì bá tiẹ̀ dáwọ́ dúró, torí òmíràn lè tẹ̀ lé e.

Wọ́n mú kí onídìrí wa rọbí, ó bímọ obìnrin ní ọ̀sán ọjọ́ kejì, kílò méjì àti díẹ̀. Ibi ọmọ jáde. Orísun àìsàn ti kúrò, ṣùgbọ́n ohun tó ti tú sínú ẹ̀jẹ̀ ṣì wà níbẹ̀, iṣan tó bàjẹ́ kì í sì í sàn lọ́jọ́ kan. Láàárín ọjọ́ kẹta sí ìkẹfà lẹ́yìn ìbímọ ni ìfúnpá máa ń ga jù. Ẹ wá wo bó ṣe bá àṣà wa pàdé: ọjọ́ kẹjọ ni ìkómọjáde. Àkókò tí ìfúnpá fẹ́ gòkè gan-an ni ìyá ọmọ délé, tí àlejò ń wọlé, tí wọ́n ń fi omi gbígbóná wẹ̀ fún un, tí wọ́n ń pín ìrẹsì. Bó bá ní orí ń fọ́ òun, wọ́n á ní kò sùn tó, ọmọ ò jẹ́ kó sùn. Ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀ lóòótọ́. Ẹ wọ̀n ọ́n kí ẹ tó sọ bẹ́ẹ̀. Onídìrí wa wọn tirẹ̀ ní ọjọ́ karùn-ún: 156 lórí 104. Wọ́n dá ìkómọ dúró? Rárá, ó padà lọ sílé ìwòsàn ní ọjọ́ yẹn, wọ́n fi kún oògùn rẹ̀, àlùfáà sì sọ ọmọ lórúkọ ní ọjọ́ kẹjọ láìsí àríyá. Wọ́n ti bọ́ ọ kúrò lórí Álídómẹ́ẹ̀tì láàárín ọjọ́ méjì tó bímọ, nítorí ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn tí mo wí, wọ́n fi nifẹ́dípìn rọ́pò rẹ̀. Ó sì ń fún ọmọ lọ́yàn lọ láìsí wàhálà. Títí di ọ̀sẹ̀ 6 lẹ́yìn ìbímọ ni a ṣì ń ṣọ́ gìrì.

Bó bá tún fẹ́ lóyún, ohun kan wà tí kò sí fún un nígbà àkọ́kọ́: a ti mọ̀. Ẹni tí èyí ti ṣẹlẹ̀ sí rí, ẹni tó ti ní ẹ̀jẹ̀ ríru tẹ́lẹ̀, ẹni tó ní àtọ̀gbẹ tàbí àìsàn kíndìnrín, dókítà lè fi í sórí asipirín kékeré láti ọ̀sẹ̀ 12, alaalẹ́, títí di bíi ọ̀sẹ̀ 36. Oyún ìbejì náà ń fi kún ewu, ẹ̀yin ará Ìgbò-Ọrà, ẹ gbọ́ o. Kékeré ni mo wí: mìlígíráàmù 75 sí 150, kì í ṣe asipirín 300 tí wọ́n ń lò fún orí fífọ́, kì í sì í ṣe ohun tí ẹ̀yin fúnra yín á kàn lọ rà. Bẹ́ẹ̀ ni bí kò bá tíì wá forúkọ sílẹ̀ títí di oṣù kẹfà, àkókò tí asipirín fi ń ṣiṣẹ́ dáadáa, ìyẹn kí ọ̀sẹ̀ 16 tó pé, ti kọjá lọ. Káàdì oyún àkọ́kọ́ yẹn, kó má sọ ọ́ nù. Kó mú un dání lọ́jọ́ tó bá kọ́kọ́ wá.